Àbẹ́là Mẹ́rin, Ọmọ Kan àti Ìyá Àgbà

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò jẹ́ kí n sinmi láti Sọ́ńdè tó kọjá. Ó ní kí ló dé tí àwọn Kristẹni fi ń tan àbẹ́là ṣáájú Kérésì. Ìyá mi ni ì bá dá a lóhùn, àmọ́ wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Ṣé ẹ lè fi ìtàn kékeré kan ṣàlàyé rẹ̀ fún un, bí ìgbà tí ọmọ ń bi ìyá àgbà léèrè?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrántí màmá. Ọlọ́run yóò bá wa tọ́jú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìdáhùn tààrà kò gùn: ọjọ́ ni wọ́n fi ń kà. Sọ́ńdè mẹ́rin ló ṣáájú Kérésì nínú àsìkò tí à ń pè ní Bíbọ̀ Olúwa, tàbí Ádífẹ́ǹtì. Bí Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan bá dé, àbẹ́là kan á kún èyí tó ti ń tàn tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa pọ̀ sí i títí ọjọ́ ìbí Jésù yóò fi pé. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, nítorí àwọn ọmọdé tí kò yé béèrè lọ́wọ́ àgbà ló bí àṣà náà. Ẹ ka ìtàn yìí fún un. Ìbàdàn ni mo fi í sí, ní ìparí ọdún 2025, kí ẹ lè máa wo kàlẹ́ńdà bí ẹ ṣe ń kà á.

*

Òkùnkùn ni Àbẹ̀kẹ́ mọ àbẹ́là mọ́. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí epo sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, Màmá àgbà á ní kí ó lọ mú àbẹ́là wá, wọn á kán ìda rẹ̀ sórí ọmọrí agolo, wọn á sì gbé e dúró sórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun tó rí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní 30 oṣù Kọkànlá kò fi yé e. Iná wà. Fáànù ń yí. Síbẹ̀, ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun rìn lọ síbi tábìlì kékeré kan níwájú pẹpẹ, ó ṣáná sí ẹyọ kan nínú àwọn àbẹ́là tó wà lórí òrùka ewé, ó sì padà lọ jókòó. Àwọn yòókù dúró láìtàn títí ìsìn fi parí.

Ó fa bàbá rẹ̀ láṣọ. Bàbá rẹ̀ ní kí ó dákẹ́, wọ́n ń wàásù lọ́wọ́. Àbẹ̀kẹ́ gbé ìbéèrè náà pa mọ́ di Sátidé, nítorí ó mọ ẹni tí yóò bi.

Màmá àgbà wà lára àwọn ìyá tí ń tọ́jú pẹpẹ. Ní Sátidé yẹn wọ́n gbé òrùka ewé náà wálé láti pààrọ̀ ewé rẹ̀, torí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré sì ti sọ ewé tútù di ohun tó ń ké wàràwàrà lọ́wọ́. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ máa jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti jókòó sórí àpótí, wọ́n ń já àwọn ewé gbígbẹ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ewé ti ń kúrò ni egungun nǹkan náà ń hàn: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wẹ́dà tẹ̀ roboto bí òṣùká, tí wọ́n jó agolo mílíìkì mẹ́rin mọ́ lára. Iyanrìn tútù ló wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan, inú iyanrìn náà ni àbẹ́là dúró sí. Àlàfo kan wà láàárín, agolo karùn-ún sì wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ṣeun, Àbẹ̀kẹ́ mi. Jókòó, bá mi kó àwọn ewé gbígbẹ wọ̀nyí sínú garawa."

Ó jókòó. Ó kó ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó dáwọ́ dúró.

"Màmá àgbà, iná wà ní Sọ́ńdè. Mo rí i. Kí wá ni wọ́n ń fi àbẹ́là ṣe?"

"Wọ́n ń fi ka ọjọ́ ni."

"Ọjọ́ wà lára kàlẹ́ńdà."

"Òótọ́ ni." Màmá àgbà gbé irin náà sórí itan wọn. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún kò ní kàlẹ́ńdà lára ògiri. Jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ìlú kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń pè ní Hamburg. Ìlú olókòwò ni, ọkọ̀ ojú omi kún ibẹ̀, owó wà, ìyà náà sì wà. Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú wọn, tí wọ́n ń sun ìta, tí wọ́n ń jalè kí wọ́n tó lè jẹun. Ọkùnrin kan ṣí ilé kan fún wọn ní 1833. Johann Hinrich Wichern ni orúkọ rẹ̀, oníwàásù ni. Rauhes Haus ni wọ́n ń pe ilé náà. Ó kó àwọn ọmọ náà sọ́dọ̀ bí ẹbí, ó ń kọ́ wọn níwèé, ó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́, wọ́n jọ ń gbàdúrà."

"Ṣé wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n sì sọ fún wọn pé Kérésì ń bọ̀. Ọmọ tí kò rí ọdún ṣe rí, tí o wá sọ fún pé ọdún ń bọ̀, ṣé yóò jẹ́ kí o gbádùn? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í pé, ó ku ọjọ́ mélòó? Bó bá dáhùn lónìí, wọ́n á tún béèrè lọ́la."

Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín, torí òun náà ti bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"O rí i? Bí ojú ṣe ń kán ìwọ náà nìyẹn. Tiwọn tún le jù, torí pé oṣù Kejìlá lọ́hùn-ún kò dà bí tiwa. Ní ìgbà Kérésì, ó máa ń ku díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lù kí oòrùn tó yọ ní Hamburg. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti ń wọ̀."

"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? Ìgbà tí mo ń ti lẹ́sìnnì dé?"

"Ìgbà yẹn gan-an. Ilẹ̀ ti ń ṣú nìyẹn. Kò sí iná mànàmáná láyé ìgbà náà. Òtútù náà wà, igi ti wọ́ gbogbo ewé dànù. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni Wichern wá àgbá kẹ̀kẹ́ ẹrù onígi kan, ní ọdún 1839, ó sì to àbẹ́là yí i ká. Mẹ́rin tóbi, funfun ni wọ́n. Ogún kéré, pupa ni wọ́n. Tí wọ́n bá péjọ fún àdúrà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tan ẹyọ kan kún èyí tó ń tàn lánàá. Ọjọ́ tó bá jẹ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ń tan ńlá. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó kù kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, yóò gbójú sókè, yóò ka èyí tí kò tíì tàn."

Àbẹ̀kẹ́ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò ni.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ogún? Kí ló dé tí kò fi jẹ́ ọgbọ̀n?"

Ibí yìí ni inú Màmá àgbà ti dùn jù lọ, nítorí tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí ó lọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ àti ìdérí ìgò mẹ́rin wá. Ó ṣa wọ́n, ó kó wọn síwájú wọn.

"Ní 1839, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá gan-an ni Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú àsìkò Bíbọ̀ Olúwa bọ́ sí. Fi ìdérí ìgò kan sílẹ̀. Láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé, ọjọ́ mélòó ni?"

"Mẹ́fà."

"Fi òkúta mẹ́fà sílẹ̀. Sọ́ńdè kejì dé."

Ìdérí ìgò, òkúta mẹ́fà. Ìdérí ìgò, òkúta mẹ́fà. Nígbà tó gbé ìdérí kẹrin kalẹ̀, Màmá àgbà dá a dúró.

"Ọjọ́ kejìlélógún nìyẹn. Ní ọdún yẹn, Ọjọ́rú ni Kérésì. Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín Sọ́ńdè yẹn àti Kérésì?"

"Mọ́ńdè àti Túsìdeè. Méjì." Ó fi òkúta méjì sílẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀. "Ogún ni òkúta! Mẹ́rin ni ìdérí. Mẹ́rìnlélógún."

"Ó pé ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù, àìsùn Kérésì. Wichern kò mú iye kan láti orí. Kàlẹ́ńdà ọdún yẹn ló sọ fún un. Wá ṣe tọdún yìí."

Tọdún yìí, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ ti kọjá ní 30 oṣù Kọkànlá, Kérésì sì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Àbẹ̀kẹ́ kó àwọn òkúta náà jọ, ó tún wọn tò. Mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà. Lẹ́yìn Sọ́ńdè kẹrin, tó jẹ́ ọjọ́ kọkànlélógún, ó fi mẹ́ta sílẹ̀: Mọ́ńdè, Túsìdeè, Ọjọ́rú. Òkúta mọ́kànlélógún. Ó gbójú sókè.

"Ó fi ọ̀kan lé tiwọn!"

"Ọdún tí Kérésì bá bọ́ sí Sọ́ńdè ló máa ń gùn jù. Bó ṣe rí ní 2022 nìyẹn: ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ló bẹ̀rẹ̀, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọdún tó bá bọ́ sí Mọ́ńdè ló kúrú jù. Sọ́ńdè kẹrin á wá jẹ́ ọjọ́ àìsùn Kérésì fúnra rẹ̀, bíi ti 2023. A tan àbẹ́là kẹrin láàárọ̀, a padà wá tan ti Kérésì lálẹ́."

"Ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ló wà nínú tiyín, Màmá àgbà. Àwọn kékeré ńkọ́?"

"Tábìlì wo ni ó gba mẹ́rìnlélógún? Gbọ̀ngàn àdúrà ni Wichern fi tirẹ̀ sí, òkè ni ó sì so ó rọ̀ sí. Nígbà tí àwọn ènìyàn fẹ́ ṣe tiwọn nílé, wọ́n fi àwọn kékeré sílẹ̀, wọ́n mú ti Sọ́ńdè nìkan. Ewé náà kò sí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó tó ọdún 1860 kí wọ́n tó máa fi ẹ̀ka igi tútù dí àgbá náà. Igi kan wà lọ́dọ̀ wọn tí kì í wọ́ ewé, bí òtútù ti wù kí ó pọ̀ tó. Nígbà tí gbogbo igi bá ti dà bí òkú, òun nìkan ló ń bá a lọ ní tútù. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi sọ ni pé ẹ̀mí wà síbẹ̀."

Àbẹ̀kẹ́ wo àwọn ẹ̀ka páìnì tí Màmá àgbà gé sínú báàfù omi. Wọ́n ń mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n ń fi okùn so ó mọ́ irin. Wọ́n rí i pé ewé kankan kò ga tó ẹnu agolo. Wọ́n ti rí ibi tí ewé gbígbẹ ti gba iná lára àbẹ́là tó ti jó dé ìsàlẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ilé náà.

"Ṣé àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ wàásù ní Ìbàdàn ló kó o wá?"

"O béèrè dáadáa. Ẹni tó dá ìjọ sílẹ̀ ní Kúdẹtì, David Hinderer, ará Jámánì ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Anna, wá fi Ìbàdàn ṣelé ní 1853. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọdún mẹ́rìnlá péré ni àgbá kẹ̀kẹ́ ti Hamburg ṣì jẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ràn láàárín àwọn Lútérà ní Jámánì. Àwọn Kátólíìkì pàápàá kò tètè gbà á. Ọdún 1925 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan, ní ìlú Köln. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a ń ṣe àsìkò Bíbọ̀ Olúwa, a ń kọ àwọn orin rẹ̀, aṣọ àlùkò wà lórí pẹpẹ. Òrùka ewé yìí ni kò sí. Ojú mi ló ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì wa."

(Èmi tí mo ń kọ èyí fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ apá yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ayé àwọn Àpọ́sítélì ni òrùka àbẹ́là ti wà. Kò sí nínú Bíbélì, kò sì pé igba ọdún. Ìyẹn kò dín in kù lójú mi rárá.)

"Màmá àgbà, tíṣà Sọ́ńdè Sùkúùlù wa ní àbẹ́là kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ó ní ìrètí, àlàáfíà, ayọ̀, ìfẹ́."

"Kò burú. Àwọn ìjọ kan ń pè é bẹ́ẹ̀. Wichern kò fún wọn lórúkọ, iye ọjọ́ ló ń wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ìjọ wá fi orúkọ sí i, wọn kò sì fẹnu kò sí ọ̀kan. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti àwọn tó dúró de Jésù. Àbẹ́là kìíní jẹ́ ti àwọn baba ńlá, Ábúráhámù àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n gba ìlérí tí wọn kò sì fojú rí i. Èkejì jẹ́ ti àwọn wòlíì. Ẹ̀kẹta ti Jòhánù Onítẹ̀bọmi, tó ń kígbe ní aginjù pé ó ti dé tán. Ẹ̀kẹrin ti Màríà."

"Kí ló dé tí ti Màríà fi kẹ́yìn?"

"Nítorí òun ló súnmọ́ ọn jù. Àwọn yòókù gbọ́ pé ó ń bọ̀. Òun ló gbé e sínú. Aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé ni a ń rántí ní Sọ́ńdè kẹrin."

Àbẹ̀kẹ́ nawọ́ mú àbẹ́là kan nínú àwọn tó wà nílẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Èyí tó mú lọ́wọ́ jẹ́ píǹkì.

"Èyí ni ó wù mí. Ṣé wọn kò rí àlùkò kẹrin rà ni?"

"Wọ́n rí i. Tọ́ka sí Sọ́ńdè tó máa tàn."

"Ìkẹyìn."

"Rárá, ẹ̀kẹta ni. Láyé àtijọ́, ààwẹ̀ ni àsìkò yìí, bíi Lẹ́ńtì. Àlùkò ni àwọ̀ ìrònúpìwàdà, òun náà sì ni àwọ̀ ọba, ìdí nìyí tí ó fi bá ẹni tó ń retí Ọba mu. Ṣùgbọ́n tí ààwẹ̀ bá ti dé àárín, Ìjọ máa ń sinmi díẹ̀. Sọ́ńdè kẹta ni wọ́n ń kà láti inú ìwé Fílípì pé, 'Ẹ máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo.' Wọ́n sì tú àwọ̀ náà ká díẹ̀, bíi pé funfun Kérésì ti ń yọjú lára àlùkò. Ní àwọn ìjọ tí wọ́n ní in, àlùfáà pàápàá á wọ aṣọ píǹkì lọ́jọ́ yẹn."

"Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń lo àlùkò?"

"Rárá. Ní Jámánì pupa ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábà máa ń jẹ́ títí dòní. Àwọn kan ń lo àwọ̀ aró. Àwọ̀ kò ba ìkà jẹ́."

Àbẹ̀kẹ́ fi ọwọ́ kan agolo tó wà láàárín. "Èyí tí kò ní nǹkan ńkọ́?"

"Funfun ló ń gbé ibẹ̀. Ti Jésù ni, a kì í tàn án títí di alẹ́ àìsùn Kérésì. Wòlíì Àìsáyà ló sọ ọ́ pé àwọn ènìyàn tí ń rìn ní òkùnkùn ti rí ìmọ́lẹ̀ ńlá. Jésù fúnra rẹ̀ sì wí pé, 'Èmi ni ìmọ́lẹ̀ ayé.' Àwọn mẹ́rin yìí ń kéde, òun ni wọ́n ń kéde."

Wọ́n parí iṣẹ́ náà nígbà tí ojú ọ̀run ti ń pọ́n. Màmá àgbà bu omi wọ́n ewé, wọ́n kó àwọn àbẹ́là padà sínú agolo. Nígbà náà ni Àbẹ̀kẹ́ rí i pé èyí tí wọ́n tàn ní Sọ́ńdè tó kọjá ti kúrú ju àwọn yòókù lọ, ìda rẹ̀ sì ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bí omijé.

"Fáànù ló ṣe é bẹ́ẹ̀," ni Màmá àgbà wí. "Bí o bá rí ìda tó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ kan, tí òwú rẹ̀ sì tẹ̀, mọ̀ pé atẹ́gùn ń fẹ́ lù ú. Yóò jó tán kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Lọ́la, mo máa sọ fún wọn kí wọ́n pa fáànù tó wà lókè rẹ̀."

Wọ́n pa á. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ni láti fi ìka wọn àwọn àbẹ́là lẹ́yìn ìsìn kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ìsìn kan ń jẹ tó ìbú ìka rẹ̀ kan lára èyí tó bá ń tàn. Ní Sọ́ńdè kẹrin, lẹ́yìn tí wọ́n ti túká, ó dúró ti tábìlì náà, ó sì rí i pé kò sí méjì tó dọ́gba. Ẹ̀kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ìka kan. Èyí tó jẹ́ píǹkì ti pàdánù méjì, èkejì mẹ́ta. Èkíní ìbá ti pàdánù mẹ́rin, àmọ́ ó lé ní márùn-ún, nítorí fáànù ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ bọ́ síwájú. Ó ní kò dára lójú, ó dà bí eyín tó ká, àlejò á pọ̀ lọ́jọ́ Kérésì, kí wọ́n ra mẹ́rin tuntun kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Àbẹ̀kẹ́ wí, ó sì kúnlẹ̀, "ẹ má pààrọ̀ wọn. Tí wọ́n bá dọ́gba, ẹnikẹ́ni kò ní mọ èyí tó ti ń dúró tipẹ́."

Ìyá ìjọ náà wo Màmá àgbà. Màmá àgbà kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń tẹ iyanrìn mọ́ ìdí èyí tó kúrú jù, kí ó lè dúró di alẹ́ Ọjọ́rú.

*

Ibẹ̀ ni ìtàn parí sí. Ó ku ohun díẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà mọ̀, kí ọmọ má baà gbá yín mú.

Kì í ṣe gbogbo ìjọ ló ń ṣe é. Àwọn Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì ni ẹ ti máa rí i jù nílẹ̀ wa, kì í sì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bí ọmọ yín bá ní ọ̀rẹ́ tó ń lọ sí Kérúbù àti Séráfù tàbí Sẹ̀lẹ́, yóò sọ fún un pé àwọn náà ń tan àbẹ́là. Òótọ́ ni, àmọ́ nǹkan mìíràn ni tiwọn. Àbẹ́là àdúrà ni, jálẹ̀ ọdún ni wọ́n sì ń tàn án. Kò ní ohun tó dà á pọ̀ mọ́ ìkà ọjọ́ Kérésì.

Bí ó bá ní kí ẹ ṣe ọ̀kan nílé, ẹ ṣe é. Àwo irin tàbí tréè tí ẹ da iyanrìn tútù sí tó, kò di dandan kí ẹ wá wẹ́dà. Ẹ ra àbẹ́là tó nípọn, torí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi ń wá nǹkan lóru kò ní pẹ́ dé Sọ́ńdè kẹrin. Oúnjẹ alẹ́ ni àkókò tó dára jù láti tàn án, kí ó jó níwọ̀nba ìgbà tí ẹ fi ń jẹun tí ẹ sì ń gbàdúrà, kí ẹ sì pa á kí ẹnikẹ́ni tó dìde níbẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí kọ́tínì, kí ẹ máa fọwọ́ kan ewé rẹ̀. Tó bá ti ń ké lọ́wọ́, ẹ já a dànù lọ́jọ́ náà.

Láti mọ Sọ́ńdè àkọ́kọ́ ní ọdún èyíkéyìí, ẹ wá 30 oṣù Kọkànlá lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ mú Sọ́ńdè tó súnmọ́ ọn jù, ìbáà ṣáájú rẹ̀, ìbáà tẹ̀lé e. Ní 2026, Ọjọ́ Ẹtì ni Kérésì, nítorí náà 29 oṣù Kọkànlá ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀. Tó bá fẹ́ ṣe ti Wichern lódindi pẹ̀lú àwọn kékeré, kékeré 22 ni kí ẹ rà fún un kún mẹ́rin ńlá.